Ibi Tí Ooru Gbà Lọ: Àṣìṣe Inú Ìròyìn Ìwọn-ooru

Ìròyìn àyẹ̀wò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ tú wò lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àtùpà tí ó rọ ẹtánọ́ọ̀lù sí sábẹ́ agolo bàbà tí omi wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ mọ iye ooru tí móòlù kan ẹtánọ́ọ̀lù ń mú jáde bí ó bá jó. Omi náà wúwo tó 200 gíráàmù, ó sì gbóná láti 27.0°C dé 47.0°C. Nígbà tí ó gbé àtùpà padà sórí òṣùwọ̀n, 1.10 gíráàmù ti dín nínú rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò lábùkù. 200 × 4.18 × 20.0 jẹ́ 16,720 júùlù. Gíráàmù 1.10 ẹtánọ́ọ̀lù jẹ́ móòlù 0.0239. Bí a bá pín ọ̀kan fún èkejì, kilojúùlù 700 ni móòlù kan mú wá. Ìwé sọ pé 1,367. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wá kọ ọ́ sí ìparí ìròyìn pé ooru sọnù sí àyíká, pé àṣìṣe ènìyàn wà níbẹ̀, àti pé tẹmómítà lè má pé. Mo ti ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹni tí kò ṣe àyẹ̀wò rárá lè jókòó sílé kí ó kọ ọ́, ìyẹn gan-an ni àléébù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àṣìṣe méjì sọ́tọ̀. Ẹ wo kóńgò tí ẹnìkan ti tẹ ìdí rẹ̀ wọ inú. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá fi wọn gàrí fún ni yóò gba èyí tí kò pé, ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ọgọ́rùn-ún. Àṣìṣe afàsápákan nìyẹn. Ṣùgbọ́n gàrí tí ó mú orí sókè lẹ́nu kóńgò náà kì í dọ́gba: ó pọ̀ díẹ̀ fún ẹnìkan, ó dín díẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àṣìṣe ségesège nìyẹn. Bí o bá ra kóńgò ogún, ti orí kóńgò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbe ara wọn. Ti ìdí tí a tẹ̀ kò ní gbe ara wọn láéláé.

Bí a ṣe mọ èyí tí ó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí. Tẹmómítà rẹ̀ ṣeé kà dé ìdajì ìwọ̀n kan péré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó kà á, nítorí náà ìwọ̀n 20 tí omi fi gbóná lè fi odindi kan sọdá tàbí kí ó fi kan dín. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ti òṣùwọ̀n kò tó ìdá méjì, ti ìgò tí ó fi wọn omi kò ju ààbọ̀ ìdá lọ. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé díẹ̀ ní ìdá méje, ìyẹn bí 50 kilojúùlù. Iye rẹ̀ lè jẹ́ 650, ó lè jẹ́ 750. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì ṣe é: ó rí 688, 700 àti 712. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nítòsí ara wọn, gbogbo wọn sì jìnnà sí 1,367. Kò sí bí ségesège ṣe lè bo àlàfo 667. Kódà bí ó bá tún un ṣe nígbà ogún, ibi tí ó wà náà ni yóò tún dúró sí. Àṣìṣe afàsápákan ló wà níbẹ̀, apá ìsàlẹ̀ ló sì ń fà sí.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn ọmọ mi ní yàrá àyẹ̀wò nìyí: apá wo ni ohun tí o dárúkọ yìí ń fa èsì sí, báwo ni ó ti pọ̀ tó, kí sì ni o rí tí o fi mọ̀? Ẹ jẹ́ ká bi tẹmómítà náà. Ká ní ó ń fi ìwọ̀n kan lé sí gbogbo ohun tí ó bá kà. 27 yóò di 28, 47 yóò di 48, ìyàtọ̀ wọn ṣì jẹ́ 20. Àṣìṣe náà ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú ìyọkúrò, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú ìròyìn yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣùwọ̀n tí kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Agolo bàbà ńkọ́? Ó wúwo tó 120 gíráàmù, òun náà sì gbóná. 120 × 0.385 × 20 jẹ́ 924 júùlù tí akẹ́kọ̀ọ́ kò kà mọ́ ọn. Ó ń fa èsì sísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá dá a padà, 700 kàn di nǹkan bí 739 ni. Òwú àtùpà náà wà níbẹ̀: ẹtánọ́ọ̀lù máa ń fẹ́ lọ lára òwú tí a kò dé, a ó sì kà á mọ́ èyí tí ó jó. Ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣòro. Gbé àtùpà tí a kò tàn, tí a kò dé, kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú tí o máa ń lò láàárín ìwọ̀n méjì, kí o tún un wọ̀n. Ká ní gíráàmù 0.05 ló lọ, a jẹ́ pé 1.05 ló jó. Dúdú èéfín ìdí agolo náà ń sọ pé iná kò jó tán. Bí ó bá tiẹ̀ tó gíráàmù 0.02, kò ju bí 28 kilojúùlù lọ. Gáàsì kábọ́ọ̀nù mónósáìdì kì í fi àmì sílẹ̀, nítorí náà mi ò ní fi nọ́ńbà sí i. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kà pọ̀ gbé wa dé nǹkan bí 800.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rí ni pé 1,367 fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí àtùpà yẹn lè fúnni. Iye inú ìwé ni a kà pẹ̀lú èrò pé omi tí iná ń mú jáde dì padà di omi ṣíṣàn. Nínú yàrá àyẹ̀wò wa, gẹ́gẹ́ bí gáàsì ni ó bá afẹ́fẹ́ lọ. Móòlù kan ẹtánọ́ọ̀lù ń mú móòlù mẹ́ta omi jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé nǹkan bí 44 kilojúùlù lọ. 132 nìyẹn. Ibi tí ó ga jù tí a lè retí ni 1,235, kò sí bí a ṣe lè dí afẹ́fẹ́ tó tí yóò kọjá ibẹ̀.

Ó ku nǹkan bí 430. Ìsinsìnyí ni ẹnu wa gbà á láti sọ pé ooru gba ẹ̀gbẹ́ agolo kọjá, síbẹ̀ ẹ jẹ́ ká fi hàn. Fi páànù yí àtùpà àti agolo ká, sún agolo mọ́ iná, dé e lórí, kí o tún àyẹ̀wò ṣe. Bí èsì bá gòkè lọ sí 900 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rí ti dé. Bí kò bá kúrò níbi tí ó wà, ẹjọ́ náà kì í ṣe ti afẹ́fẹ́, kí o lọ wá ibòmíràn. Ẹ kíyè sí i pé afẹ́fẹ́ kan náà lè dá àṣìṣe méjèèjì sílẹ̀: bí fáànù ṣe ń mi iná sọ́tùn-ún sósì ló ń mú èsì yàtọ̀ síra, ooru tí ó sì ń gbé lọ nígbà gbogbo ló ń fà á sísàlẹ̀. Nítorí ìdí yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń dáná sínú irin tí a dé pa, tí a fún ọ́síjìn sí, tí a sì rì sínú omi, irú èyí tí Marcellin Berthelot lò ní Faransé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n sì ń kọ́kọ́ sun ásíìdì bẹnsóíkì, tí a ti mọ ooru rẹ̀, láti mọ iye tí irin àti omi ọ̀hún ń gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá rí "ooru sọnù sí àyíká" nínú ìròyìn, tí kò sọ apá tí ó fà sí, tí kò sọ iye, tí kò sì sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí, ẹ má fún un ní máàkì. Ẹ dá ìwé náà padà, kí ọmọ náà gbé òṣùwọ̀n, kí ó sì lọ wá ibi tí ooru gbà lọ.