Ta Ni Yóò San Owó Iná Ojú Títì?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ju ti iná tí ń tàn lójú títì lọ, àti ìdí tí oníṣòwò kì í fi í rí i tà.

Ẹ jẹ́ ká fọkàn ya àwòrán àdúgbò kan tó ní ilé 20. Lójú onílé kọ̀ọ̀kan, àǹfààní iná náà tó ₦3,000 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ ₦60,000. Owó mọ̀nàmọ́ná, gílóòbù àti iṣẹ́ ẹni tó ń tún un ṣe jẹ́ ₦40,000. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ₦2,000 ló kan ilé kan. Ta ni kò ní ra ọjà ₦3,000 ní ₦2,000?

Àmọ́ ẹ bá mi wo bí Bàbá Rísì, ọ̀kan nínú àwọn onílé náà, ṣe ń ṣírò tirẹ̀ nínú yàrá. ₦2,000 tó bá san yóò tan ìdá kan péré nínú ogún iná náà, àǹfààní ìdá yẹn fún òun alára kò sì ju ₦150 lọ. Èrè yòókù, àwọn aládùúgbò ni yóò jẹ ẹ́. Bí àwọn 19 tó kù bá san, iná á tàn fún un. Bí wọn kò bá san, owó tirẹ̀ nìkan kò lè lé òkùnkùn lọ. Èyí tó wù kó jẹ́, kí ó dákẹ́ ló sàn fún un. Bàbá Rísì kì í ṣe ahun o, ó kàn mọ ìṣirò ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ìyá Sàídù náà mọ̀ ọ́n nílé kejì, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn á wá jókòó sínú òkùnkùn, èrè ₦20,000 á máa bọ́ lọ́wọ́ wọn lóṣooṣù.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí àwọn onílé máa ń dáwó ra tìráńsífọ́mà? Wọ́n ń dá a. Ṣùgbọ́n wáyà ló ń gbé mọ̀nàmọ́ná wọ ilé láti ara tìráńsífọ́mà. Ẹni tí kò bá dáwó, wọn ò ní so wáyà tirẹ̀ mọ́ ọn. Ti ojú títì kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò pàṣẹ kí Bàbá Rísì dijú bó bá ń kọjá lábẹ́ òpó? Bó bá sì lajú, ìmọ́lẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dín. Àbùdá méjèèjì yìí la fi ń dá ohun àjùmọ̀lò mọ̀: kò ṣeé fi du ẹni tí kò sanwó, lílò ẹnìkan kò sì dín ti ẹlòmíì kù.

Síbẹ̀, ẹnìkan ti gbìyànjú láti tà á rí. Ní ìparí ìjọba Ọba Charles Kejì, ní nǹkan bí ọdún 1685, Edward Heming gba ìwé àṣẹ pé òun nìkan ni yóò máa tan iná sí ìgboro Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó ṣèlérí fìtílà kan níwájú ilé mẹ́wàá-mẹ́wàá, láti aago mẹ́fà sí méjìlá òru, ní alẹ́ tí kò bá sí òṣùpá, láti ìparí oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí oṣù Kẹta. Fìtílà wà níwájú ilé kan, mẹ́sàn-án ń pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Báwo ni irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ gbowó?

Òfin ló lè gbà á sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún àwọn onílé ìlú náà láti gbé fìtílà kọ́ síta fúnra wọn. Òfin ọdún 1690 bu ìtanràn ṣílè méjì lé ẹni tó bá kọ̀, àfi ẹni tó bá ti gbà láti lo fìtílà àjùmọ̀lò tí àwọn adájọ́ fọwọ́ sí. Ẹ rí i pé ọjà ti yí padà: ìdáǹdè lọ́wọ́ ìtanràn ni onílé wá ń rà. Ìyẹn ṣeé tà, torí ẹni tó bá san nìkan ló ń rí i gbà.

Ètò náà kò tó ìlú, torí iná ń kú ní àkókò tí olè ń jáde gan-an. Ní 1736, Ilé Aṣòfin fún Lọ́ńdọ́ọ̀nù láṣẹ láti bu owó iná lé gbogbo onílé, kí ẹni tó ní ilé ńlá san jù, kí iná sì máa jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, jálẹ̀ ọdún.

Owó tipátipá yìí yanjú ti Bàbá Rísì, ṣùgbọ́n ó dá ìṣòro tirẹ̀ sílẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Paul Samuelson ṣàlàyé rẹ̀ ní 1954: kò sẹ́ni tí yóò sọ òótọ́ iye tí iná jọ ọ́ lójú. Bó bá mọ̀ pé ohun tóun bá sọ lòun yóò san, á bù ú kù. Bó bá mọ̀ pé ẹlòmíì ni yóò san, á bù ú lé. Ìjọba á wá máa méfò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé owó orí ń wọlé bóyá iná tàn tàbí kò tàn. Ẹni tó ń ta ọjà, gílóòbù tó bá kú á dín owó rẹ̀ kù lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná àdúgbò kan yóò pẹ́, ìwé àdéhùn agbaṣẹ́ṣe ni mo máa kọ́kọ́ bèèrè: ṣé iye òpó tó rì ni wọ́n ń sanwó lé, àbí iye òru tí iná fi tàn?