Ojú Lásán Ò Mọ Súpà Kópì

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìlú wa kan tó ń tún aago ṣe sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí aago ayédèrú. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dáwó jọ láti ra Rólẹ́ẹ̀sì fún bàbá wọn tó fẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Wọ́n rí ẹnì kan tó fẹ́ ta Sọbùmarínà àlòkù ní £7,500. Wọ́n fi fótò ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù. Mo wo ojú aago, mo wo nọ́ńbà tí wọ́n fín sí etí inú gíláàsì, mo wo káàdì. Mo ní, "Ó dáa, ẹ rà á." Ni wọ́n bá san £500 sílẹ̀.

Kí ló tàn mí? Láyé àtijọ́, ayédèrú máa ń fúyẹ́, ọwọ́ kékeré rẹ̀ á sì máa fò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Súpà kópì ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń tú ojúlówó palẹ̀, wọ́n á wọn gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Irin 904L tí Rólẹ́ẹ̀sì ń lò, àwọn kan nínú wọn ń lò ó, torí náà ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ̀rọ rẹ̀ náà ń lù ní ìgbà 28,800 ní wákàtí kan, ọwọ́ kékeré á sì máa yọ́ lọ jẹ́jẹ́. Nọ́ńbà ńkọ́? Wọ́n lè da ti ojúlówó kọ. Tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, aago kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ti káàdì àti páálí, ẹ má dá mi lóhùn. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀. Fótò yẹn gan-an lè jẹ́ ti aago mìíràn! Mo ní kí olùtà pàdé wa ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀yìn Rólẹ́ẹ̀sì. Ọ̀gá ṣí i. 3235 wà lára ẹ̀rọ bó ṣe yẹ. Ó wá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Etí àwọn irin pẹlẹbẹ tó di ẹ̀rọ mú rí ṣákiṣàki, bẹ́ẹ̀ ojúlówó máa ń dán débi kọ́lọ́fín. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ká tó sì ń tú, tó yẹ kó jẹ́ búlúù dọ́gba, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí létí. Olùtà ní òun fẹ́ gba fóònù níta. A ò rí i mọ́, £500 náà sì lọ.

Ṣé gbogbo aago la ó máa tú ni? Rárá. Fótò tí ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń yẹ ọjà wò lè lé ayédèrú burúkú dànù, àmọ́ kò lè fọwọ́ sí súpà kópì. Tó bá jẹ́ àlòkù olówó ńlá, tàbí ẹnì kan fẹ́ fi ṣe ìdúró owó tó fẹ́ yá lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kàn án, kí wọ́n ṣí i. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi ẹ̀rọ ayédèrú sínú ìkarahun ojúlówó. Láìṣí i, ó ṣòro láti mọ̀ dájú.

Tí olùtà bá ní kí wọ́n má ṣí i, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á kí omi má wọlé. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ máa sanwó iṣẹ́ náà, pé ọ̀gá máa yẹ rọ́bà tó ń dènà omi wò, á sì dán an wò pẹ̀lú ẹ̀rọ lẹ́yìn tó bá dé e. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ o, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ bíi tiwa.