Ìparí Tó So Ìtàn Pọ̀

(Orin ìbẹ̀rẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ lábẹ́ ohùn.)

ASỌ̀TÀN: Lóṣù kẹwàá ọdún 1959, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS nílẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ eré kan tí wọ́n ń pè ní The Twilight Zone. Tí ìtàn ọ̀sẹ̀ yìí bá ti parí, ó parí nìyẹn. Èèyàn mìíràn, ìlú mìíràn ni ẹ ó bá pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìtàn 156 ni wọ́n ṣe títí di ọdún 1964. Rod Serling, tó dá eré náà sílẹ̀, ló ń fi ohùn rẹ̀ ṣí wọn, òun náà ló ń fi pa wọ́n dé. Àmọ́ ohùn nìkan ò lè mú ká mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìparí wọn ni ká wò.

(Ìró ẹsẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù.)

Ẹ jẹ́ ká wo Eye of the Beholder, ti oṣù kọkànlá ọdún 1960. Janet Tyler dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, bándéèjì bo gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kọkànlá rèé tí wọ́n ń gbìyànjú láti tún ojú náà ṣe, kó lè rí bíi tàwọn yòókù. Bí èyí náà kò bá jẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó rí bíi tirẹ̀ ni wọ́n máa kó o lọ. Nọ́ọ̀sì ń káàánú rẹ̀, dókítà ń tù ú nínú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ kámẹ́rà dáadáa: ẹ̀yìn orí wọn ló ń gbà, àti ọwọ́ wọn, àti òjìji wọn lára ògiri. Kò sí ojú ẹnì kankan.

Wọ́n tú bándéèjì. Arẹwà obìnrin! Nọ́ọ̀sì pariwo. Wọ́n tan iná, a sì wá rí àwọn tó ń wò ó: imú wọn rí bíi ti ẹlẹ́dẹ̀, ètè wọn wọ́.

Ẹ tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sẹ́ni tó parọ́ fún wa. Àwa la fúnra wa fi ojú bíi tiwa sínú òkùnkùn náà. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ìparí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó kàn fẹ́ já wa láyà: ohun tó yani lẹ́nu ti wà níwájú wa tipẹ́.

Lóṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, àdúgbò kan ni ìtàn wọn dá lé, lórí òpópónà Maple Street. Iná lọ, ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọdé kan sọ̀tàn pé àwọn ará ojú sánmà ti wà láàárín wọn. Aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí aládùúgbò, títí wọ́n fi yìnbọn pa ọ̀kan nínú ara wọn. Ìparí ló fi àwọn ará ojú sánmà hàn wá lórí òkè, wọ́n ń tan iná, wọ́n ń pa á, wọ́n sì ń wo àwọn ará àdúgbò náà.

Kò sóhun tó kan ọsibítù kan òpópónà yìí. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni ìparí méjèèjì bi wá: ta ló sọ pé ẹni tó yàtọ̀ ni ẹni burúkú?

(Orin rọra wọlé.)

Serling ní ìdí tó fi ń bi í lọ́nà ẹ̀bùrú. Lọ́dún 1955, wọ́n pa Emmett Till, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ọdún 14, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Serling kọ eré tẹlifíṣàn látinú ọ̀rọ̀ náà. Kó tó jáde lọ́dún 1956, àwọn tó ń sanwó ìpolówó ti mú kí wọ́n gbé ìtàn náà kúrò ní gúúsù, wọ́n sì ti sọ ẹni tí wọ́n pa di àjèjì kan tí kò ní àwọ̀ tí wọ́n lè tọ́ka sí. Ó wá kó àwọn ará ojú sánmà àti dókítà onímú ẹlẹ́dẹ̀ wá, àwọn tó ń sanwó ìpolówó ò sì dá a dúró.