Níbo Ni Kí Abẹ Dé? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba Lórí Ẹsẹ̀ Alátọ̀gbẹ

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn ní Ìkàrẹ́ lónìí: bí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ bá ti bàjẹ́ débi pé gígé ló kù, níbo ni kí abẹ dé? Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń bẹ dókítà pé kí ó gé ìka nìkan. Nígbà tí ojú egbò náà bá kọ̀ tí kò jinná, àwọn kan náà ni yóò sọ pé kí ó kúkú gé e láti itan, kí ìyà náà lè tán. Ẹ̀bẹ̀ méjèèjì lè ba ayé aláìsàn jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. N kò fún un lórúkọ, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo kó pọ̀ sínú rẹ̀. Ẹni ọdún 58 ni, ará Ọ̀kà, oko iṣu ló ń dá. Ìṣó gún bàtà rọ́bà rẹ̀ já wọ àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n lára, nítorí ṣúgà ti pa àwọn iṣan tí ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora. Òórùn ni ìyàwó rẹ̀ fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, ìka méjì ti dúdú, ẹsẹ̀ ti wú dé ọrùn rẹ̀, ọyún ń jáde, ara rẹ̀ ń gbóná, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 380, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sì ti dín kù gidigidi.

Dókítà kò gbọdọ̀ fi ibi tó dúdú nìkan pinnu. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé ló ń wá. Yóò fi ìka tẹ òkè ẹsẹ̀, yóò tẹ ẹ̀yìn egungun tó yọ níbi ọrùn ẹsẹ̀ lápá inú, yóò tẹ kòtò ẹ̀yìn orúnkún, bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ń sọ. Ti àgbẹ̀ yìí kò sọ níbi méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ dáadáa lẹ́yìn orúnkún. Awọ ara rẹ̀ tutù láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀. Láti àárín ojúgun sókè, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, irun sì wà lára rẹ̀. Àwa oníṣègùn tún máa ń fi ìfúnpá ọrùn ẹsẹ̀ wé ti apá. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn lára alátọ̀gbẹ, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti le gan-an tí ẹ̀rọ kò fi ní lè tẹ̀ ẹ́ pa. Bí ìfiwéra náà bá ju 1.3 lọ, kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dáadáa, iṣan ló ti le.

Bí a bá gé ìka àgbẹ̀ yìí nìkan, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé la fi abẹ kàn. Ojú abẹ náà yóò dúdú, a ó tún gé àtẹ́lẹsẹ̀, a ó tún padà wá. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ara ń rẹ̀ ẹ́ sí i, tí owó sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣan òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ ketekete, tí ìka kan péré ti kú, gígé ìka lè tó fún un. Ìyàtọ̀ náà nìyẹn.

Nítorí kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ wa, iṣẹ́ abẹ méjì ni ó yẹ kí a ṣe. Lọ́jọ́ tó dé, a ó gé ẹsẹ̀ ní òkè ọrùn rẹ̀ díẹ̀, a ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ láìrán, kí ọyún lè ṣàn jáde. A ó fún un ní ẹ̀jẹ̀, oògùn tí ń pa kòkòrò àti ínsúlínì. Lẹ́yìn bí ọjọ́ márùn-ún, tí ibà bá ti lọ, a ó wá gé e síbi tí yóò wà títí ayé. Ẹni tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 170 bíi tirẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 sí ìsàlẹ̀ oríkèé orúnkún ni egungun ojúgun yóò kù. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun la máa ń dá sí gígùn láti fi bo egungun náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí. A ó gé egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú ju ojúgun lọ díẹ̀, a ó sì ha ṣóńṣó iwájú ojúgun kí ó má gún awọ. Nígbà tí abẹ bá ń gé ẹran, ojú dókítà gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀: bí ó bá pupa tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ yóò jinná, bí ó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀, kí ó lọ sókè sí i.

Kí ló dé tí a fi ń jà fún orúnkún tó bẹ́ẹ̀? Alátọ̀gbẹ tí a gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ orúnkún ń lo agbára tó fi bí ìdá 40 nínú 100 ju ti ẹni ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ láti rìn. Bí ó bá jẹ́ itan ni, agbára náà lè di ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin ará Ọ̀kà tí ẹ ń gun òkè láràárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a gé láti itan ní ọjọ́ orí yìí kì í rìn mọ́. Àmọ́ tí aláìsàn bá ti wà lórí ibùsùn fún ọdún, tí orúnkún rẹ̀ ti ká tí kò ṣeé nà mọ́, orúnkún yẹn kò wúlò fún un. Egbò ni yóò máa dá sórí kùkùté náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, òkè ni kí a gé e.

A lè gba orúnkún là lórí tábìlì abẹ kí ìrọ̀rí sì bà á jẹ́ nílé. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí àánú ló ń fà á. Ẹbí yóò rí i pé kùkùté ẹsẹ̀ ń ro bàbá, wọ́n á ti ìrọ̀rí bọ abẹ́ orúnkún rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, orúnkún náà yóò ká, kò ní nà mọ́, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá yóò sì ṣòro láti wọ̀. Kí orúnkún wà ní nínà gbọnrangandan, kí aláìsàn sì máa dojú bolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ìbàdí náà má baà ká. Tí ojú abẹ bá ti jinná, báńdéèjì tó ń fà ni ẹ ó fi wé e, kí ó nà lọ nà bọ̀ bí àgbélébùú. Kí ó le jù lọ ní ṣóńṣó, kí ó sì máa dẹ̀ bí ó ṣe ń lọ sókè. Wíwé yípo bí òrùka máa ń fún ẹ̀jẹ̀ pa. Ẹ tún un wé ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà síra. Lálẹ́, ẹ fi ọṣẹ tí kò lágbára fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi dígí wo abẹ́ rẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, ọ̀pọ̀ máa ń gba ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àkọ́kọ́ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì ní Èkó, tí ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì bí, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Iṣan abẹ́ ìgbákọ orúnkún ló ń gbé púpọ̀ nínú ìwúwo ara, kì í ṣe ṣóńṣó kùkùté. Nítorí náà, bí ṣóńṣó bá pupa, ẹsẹ̀ náà kò bá a mu. Wákàtí kan lójúmọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó bọ́ ọ, a ó wo awọ. Bí ibi tó pupa kò bá padà sípò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má tún wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kùkùté yóò máa jò lọ́dún àkọ́kọ́, ìbọ̀sẹ̀ la fi ń dí àlàfo rẹ̀. Nígbà tí ìbọ̀sẹ̀ bá ti pọ̀ jù tí ẹsẹ̀ sì ń yí, ago tí kùkùté ń wọ̀ ni ó yẹ kí a pààrọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ẹbí ni pé kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi dókítà yín léèrè: níbo ni iṣan ti ń sọ, ṣé orúnkún ṣeé gbà là, ta ni yóò sì ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà? Bí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn, tí ara aláìsàn sì lè gba ìrìn àjò, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.