Ìdí Tí Ẹdẹ Fi Bọ́ Sẹ́yìn Òṣogbo: Igi Ẹlẹ́ka-Méjì àti Bí A Ṣe Ń Rìn Ín



Ìlú méje ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo mú wá: Ìkìrun, Ẹdẹ, Modákẹ́kẹ́, Gbọ̀ngán, Òṣogbo, Ejìgbò àti Ìwó. Bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá to orúkọ wọ̀nyí bí álífábẹ́ẹ̀tì wa ṣe tò, Ejìgbò ni yóò kọ́kọ́ kọ, Ẹdẹ yóò sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó wọn fún kọ̀ǹpútà láìṣe àlàyé kankan fún un, ìsàlẹ̀ pátápátá ni yóò gbé Ẹdẹ sí, lẹ́yìn Òṣogbo. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ ká jọ wò, inú igi ẹlẹ́ka-méjì la ó sì ti wò ó.

Oríkèé ni wọ́n fi ń ṣe irú igi bẹ́ẹ̀. Oríkèé kọ̀ọ̀kan di orúkọ kan mú, ó lè ní ọmọ kan lósì àti ọmọ kan lọ́tùn-ún, ó lè ní ẹyọ kan, ó sì lè máà bímọ rárá. Èyí tí kò ní òbí ni ìdí igi, òkè la sì máa ń ya á sí. Tiwa lónìí tún ní òfin kan: gbogbo orúkọ tó wà lápá òsì oríkèé kan gbọ́dọ̀ ṣáájú orúkọ oríkèé náà nínú ètò álífábẹ́ẹ̀tì, gbogbo èyí tó wà lápá ọ̀tún sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí mo ṣe ka àwọn ìlú náà lẹ́ẹ̀kan ni ká ṣe gbìn wọ́n. Ìkìrun ló kọ́kọ́ dé, òun ni ìdí igi. Ẹdẹ ṣáájú Ìkìrun, ó gba òsì. Modákẹ́kẹ́ gba ọ̀tún. Gbọ̀ngán dé, ó ṣáájú Ìkìrun, ó yà sósì, ó bá Ẹdẹ níbẹ̀. Ẹ̀yìn Ẹdẹ ló wà, nítorí náà ó di ọmọ ọ̀tún Ẹdẹ. Báyìí ni Òṣogbo, Ejìgbò àti Ìwó náà ṣe rí àyè tiwọn:

```
                Ìkìrun
              /        \
          Ẹdẹ           Modákẹ́kẹ́
         /    \          /     \
    Ejìgbò  Gbọ̀ngán   Ìwó    Òṣogbo
```

Ọ̀nà púpọ̀ la lè gbà rin igi yìí. Èyí tí a ń wá ni ìrìn òsì-ara-ọ̀tún: níbi gbogbo tí o bá dé, kọ́kọ́ parí apá òsì, lẹ́yìn náà kí o ka orúkọ tó wà níbẹ̀, kí o tó wá bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí a ṣe ń kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà nìyí:

```
def rin(o):
    if o is None:
        return
    rin(o.osi)
    print(o.ilu)
    rin(o.otun)
```

Ẹ bá mi tẹ̀ lé e. A dé Ìkìrun, ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́dọ̀ kà á, torí ó ní apá òsì. A sọ̀ kalẹ̀ sí Ẹdẹ. Òun náà ní òsì, kó dúró ná. A dé Ejìgbò. Kò sí nǹkan kan lósì rẹ̀, nítorí náà a ka Ejìgbò. Kò sí nǹkan lọ́tùn-ún rẹ̀ náà, a padà sókè. Apá òsì Ẹdẹ ti parí, a ka Ẹdẹ, a bọ́ sọ́tùn-ún, a ka Gbọ̀ngán. Ìgbà yìí ni gbogbo apá òsì Ìkìrun tó tán, tí a lè ka Ìkìrun. Ìrìn kan náà lápá ọ̀tún yóò fún wa ní Ìwó, Modákẹ́kẹ́ àti Òṣogbo. Orúkọ méjèèje ti tò, láìjẹ́ pé a tún tò wọ́n lẹ́yìn tí a gbin igi. Kọ̀ǹpútà kò gbàgbé Ìkìrun àti Ẹdẹ tó ní kí wọ́n dúró, nítorí pé ó ń pa ipò `rin` kọ̀ọ̀kan tí kò tíì parí mọ́ nínú ìrántí rẹ̀.

Ìrìn yìí kan náà ló ń tú àṣìṣe fó. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan fi Ìwó sípò Gbọ̀ngán, ó sì fi Gbọ̀ngán sípò Ìwó. Bí ẹ bá ń wo òbí àti ọmọ nìkan, ẹ kò ní rí àléébù: ẹ̀yìn Ẹdẹ ni Ìwó wà lóòótọ́, Gbọ̀ngán sì ṣáájú Modákẹ́kẹ́. Ẹ wá rìn ín. Ẹ ó ka Ìwó kí ẹ tó ka Ìkìrun, ẹ ó sì tún bá Gbọ̀ngán lẹ́yìn Ìkìrun. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé *gbogbo* orúkọ tó wà lápá òsì, tí n kò sọ pé ọmọ òsì nìkan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀ràn Ẹdẹ. Kọ̀ǹpútà kò mọ a, b, d. Nọ́ńbà ló mọ̀. Nínú ètò Unicode tí gbogbo ayé ń lò, E jẹ́ 69, G jẹ́ 71, M jẹ́ 77. Ì tó ní àmì jẹ́ 204, Ò jẹ́ 210, Ẹ sì jẹ́ 7864. Bí a bá fi nọ́ńbà wọ̀nyí gbin igi, ìrìn wa yóò fún wa ní Ejìgbò, Gbọ̀ngán, Modákẹ́kẹ́, Ìkìrun, Ìwó, Òṣogbo, Ẹdẹ. Igi náà kò ṣẹ̀, ìrìn náà kò ṣìnà. Ọ̀nà tí a gbà fi orúkọ wé orúkọ ni kò bá èdè wa mu.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fún lẹ́tà wa mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ipò tiwọn, kí a jẹ́ 1, kí e jẹ́ 4, kí ẹ jẹ́ 5, kí g jẹ́ 7, kí gb jẹ́ 8, títí dé y tó jẹ́ 25. Ẹ kọ́kọ́ yọ àmì ohùn kúrò, ẹ máa wá gb kí ẹ tó wá g, kí ẹ má sì ṣe yọ àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ejìgbò di 4, 11, 10, 8, 16. Ẹdẹ di 5, 3, 5. Àwọn nọ́ńbà yìí ni kí igi máa fi wé ara wọn. Bí orúkọ méjì bá wá jọra pátápátá, àmì ohùn ni kó làjà.

Ohun kan tún wà tí ojú kò lè rí. A lè tẹ Ẹ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan tó jẹ́ 7864, a sì lè tẹ E, 69, kí a wá fi àmì abẹ́, 803, lé e. Bákan náà ni wọ́n rí lójú. Ká ní ẹ fi ti àkọ́kọ́ gbin Ẹdẹ sínú igi tó ń lo nọ́ńbà Unicode, tí ẹlòmíràn wá fi ti èkejì wá a. Ní ìdí igi, 69 kéré sí 204, òsì ni yóò yà sí, Ẹdẹ sì wà lọ́tùn-ún. Kọ̀ǹpútà yóò ní kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ gbogbo orúkọ di irú kan ṣoṣo kí ẹ tó gbìn wọ́n àti kí ẹ tó wá wọn.

Ibì kan wà tí ìrìn òsì-ara-ọ̀tún kò ti lè ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbin ìlú méje yìí nígbà tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀, láti Ejìgbò dé Òṣogbo, kálukú yóò máa di ọmọ ọ̀tún ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Igi náà á di ìlà gbọọrọ kan. Nínú igi tí a yà lókè, ìfiwéra mẹ́ta ló pọ̀ jù kí ẹ tó rí ìlú èyíkéyìí. Nínú ìlà yìí, méje ni kí ẹ tó rí Òṣogbo. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìrìn wa yóò ka orúkọ kan náà jáde nínú méjèèjì, láìyàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi òun ti di ìlà gbọ́dọ̀ ka iye oríkèé tó wà lójú ọ̀nà tó gùn jù. Ní 1962, Adelson-Velsky àti Landis, onímọ̀ ìṣirò méjì ní Soviet Union, gbé igi kan jáde tó ń ṣọ́ ara rẹ̀: lẹ́yìn gbogbo ìgbìn, ó ń wo gíga apá òsì àti ti ọ̀tún lórí oríkèé kọ̀ọ̀kan tí orúkọ tuntun gbà kọjá, bí ọ̀kan bá sì fi ju ẹyọ kan ga ju èkejì lọ, á gbé ọmọ sókè, á sọ òbí kalẹ̀, láìda ètò òsì àti ọ̀tún rú. Bí ẹ bá gbin ìlú méje wa sínú irú igi bẹ́ẹ̀ láti Ejìgbò dé Òṣogbo, Ìkìrun ni yóò tún padà di ìdí igi.