Ta ni ń dójú òfò fún adójútòfò?
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ gbé ka iwájú yín lónìí. Bí iná bá jó ọjà kan tán ní òru ọjọ́ kan, tí gbogbo onísọ́ọ̀bù ibẹ̀ sì gbé ìwé ìnṣọ́ránsì wọn lọ bá ilé-iṣẹ́ kan náà, níbo ni ilé-iṣẹ́ náà yóò ti rí owó san fún wọn?

Gbogbo wa mọ bí iṣẹ́ adójútòfò ti rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá owó díẹ̀díẹ̀, a sì ń fi owó náà tu àwọn ìwọ̀nba tí òfò bá ṣẹ̀ nínú. Ọ̀nà yìí dára níwọ̀n ìgbà tí òfò bá ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà ni wàhálà dé.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní ìlú Glarus ní ilẹ̀ Swítsáláǹdì ní oṣù karùn-ún ọdún 1861. Iná ṣẹ́ lóru, ẹ̀fúùfù líle tí ń fẹ́ láti orí òkè sì ràn án, títí ó fi jó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìlú náà. Owó ìdójútòfò tí ó wà nílẹ̀ kò tó òfò náà í san. Ẹ̀kọ́ yìí wà lára ohun tí ó mú kí a dá ilé-iṣẹ́ Swiss Re sílẹ̀ ní ìlú Zürich ní ọdún 1863, láti máa dójú òfò fún àwọn adójútòfò.

Rí-ìnṣọ́ránsì ni a ń pe iṣẹ́ yìí. Àwa yóò máa pe àwọn tí ń ṣe é ní adójútòfò àgbà. Adójútòfò yóò fún wọn ní apá kan nínú owó tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn náà yóò sì bá a gbé apá kan nínú òfò. Nítorí pé orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹrù jọ, ó ṣòro kí iná ìlú kan ṣoṣo gbé wọn ṣubú. Ọ̀kan nínú wọn ni Africa Re, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní adójútòfò kan bá àgbà ṣe àdéhùn pé, nínú òfò ilé kọ̀ọ̀kan, òun yóò dá gbé mílíọ̀nù náírà 20 àkọ́kọ́, kí àgbà gbé mílíọ̀nù 80 tí ó tẹ̀ lé e. Bí ilé ìkẹ́rùsí kan bá jó, tí òfò rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 70, adójútòfò yóò san 70 fún oní-ǹkan, yóò sì gba 50 padà lọ́wọ́ àgbà. Èyí dára.

Ṣùgbọ́n bí ọjà bá jó ńkọ́? Sọ́ọ̀bù 40 jó, òfò ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílíọ̀nù 5, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 200. Kò sí sọ́ọ̀bù kan tí òfò rẹ̀ dé 20. Nítorí náà, àgbà kò jẹ adójútòfò ní kọ́bọ̀ lábẹ́ àdéhùn yẹn; òun nìkan ni yóò ru gbogbo rẹ̀.

Ohun tí ó wò ó sàn ni àdéhùn mìíràn, tí kì í ka ilé kọ̀ọ̀kan, bí kò ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ kan lódindi. Ká ní nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan, adójútòfò yóò gbé 30 àkọ́kọ́, àgbà yóò sì gbé 120 tí ó tẹ̀ lé e. Iná ọjà wa yóò mú 120 wá láti ọ̀dọ̀ àgbà. Síbẹ̀, 50 tí ó kọjá òpin àdéhùn yóò padà sórí adójútòfò, tí ẹrù rẹ̀ yóò fi di 80. Bí iná mìíràn bá sì tún ṣẹ́ lọ́dún náà, ó sábà máa ń jẹ́ pé owó mìíràn ni adójútòfò yóò san kí ààbò náà tó padà bọ̀ sípò.

Ẹ kíyè sí i pé àdéhùn yìí kò kan onísọ́ọ̀bù. Adójútòfò tí ó gba owó wa ni ó jẹ wá ní gbèsè, ìbáà ṣe pé àgbà tètè san tàbí kò san. A kò lè lọ kan ilẹ̀kùn àgbà. Bí adójútòfò bá wó, àwa ni yóò wó lé.

Nítorí náà, kí Ẹgbẹ́ wa tó bá ilé-iṣẹ́ kankan dá owó pọ̀ fún ọjà wa, a dábàá pé kí a béèrè ohun mẹ́ta, kí a sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Èkíní, sọ́ọ̀bù mélòó ni ó ti gbà nínú ọjà kan náà, èló sì ni àpapọ̀ wọn? Èkejì, ṣé ìṣẹ̀lẹ̀ kan lódindi ni àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú àgbà ń kà, àbí ilé kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀kẹta, níbo ni àdéhùn náà parí sí? Bí òpin rẹ̀ kò bá tó àpapọ̀ ọjà, kí ó fi hàn wá ibi tí ìyókù yóò ti wá.