Iná Jó Ilé Búrẹ́dì: Èló Ni Owó Tí Kò Wọlé?

Inṣọ́ránsì iná ń san owó ilé àti ẹ̀rọ tó jóná. Èrè tí kò wọlé nígbà tí iṣẹ́ dúró ní inṣọ́ránsì tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ká ní iná jó ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn, àtúnṣe sì gba oṣù mẹ́rin. Lásìkò kan náà lọ́dún tó kọjá, ó ta ọjà mílíọ̀nù 10 náírà. Lọ́tẹ̀ yìí, mílíọ̀nù 4 péré. Mílíọ̀nù 6 ló dín.

Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì kò ní san mílíọ̀nù 6 náà, torí ilé búrẹ́dì náà kò ra ìyẹ̀fun àti ṣúgà tí ì bá fi ṣe búrẹ́dì yẹn. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé nínú 100 náírà ọjà, 40 náírà ló ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn èròjà. Ibẹ̀ ló ti ń san owó ilé àti owó òṣìṣẹ́. Lórí mílíọ̀nù 6, ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 2.4. Wọ́n fi 300,000 tó fi háyà ààrò mìíràn kún un, wọ́n yọ 100,000 owó iná mànàmáná tí kò ná. Ó kù mílíọ̀nù 2.6.

Ìwé ọjà ni ẹ̀rí gbogbo èyí. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbi tí iná ṣọ́ọ̀bù kò lè dé.